Ohun Tí A Ń Wá àti Ohun Tí A Kàn Mọ̀ Pé Yóò Ṣẹlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Oyún Tí Ó Dúró Síta Ilé Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá ọkọ máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni, nígbà tí ìyàwó bá ti ilé ìwòsàn dé: "Wọ́n ní oyún wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nígbà tó máa jáde, kò sí oyún mọ́. Ta ló pa á?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró kí iṣẹ́ abẹ parí. Fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí ṣì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ sí i, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé òun ló fọwọ́ sí ikú ọmọ. Gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà sínú ikùn obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Èdè wa fún wa ní ọ̀nà méjì tí a fi ń dá irú ẹjọ́ báyìí. Bí ènìyàn bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ohun tí àgbà kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, àbí ó ṣèèṣì? Ẹni tó gé igi lóko, tí ẹ̀ka sì já lu ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà nítòsí, ó ṣèèṣì. Ẹni tó lúgọ de ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀. Méjèèjì yìí tó fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n dókítà tó gé ibi tí oyún so mọ́ nínú ara obìnrin kò ṣèèṣì. Kó tó mú abẹ lọ́wọ́ ló ti mọ̀ dájú pé oyún náà kò ní í yè. Ṣé a ó wá sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti há. Ibì kẹta kan wà láàárín méjèèjì: ohun tí a mọ̀, tí a ti rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun ni a ń wá.

Àwọn onímọ̀ ìjọ Àgùdà ló fi ọjọ́ pípẹ́ túlẹ̀ ibì kẹta yìí jù. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Tọ́máàsì Akuínásì, àlùfáà ará Ítálì tó kú ní 1274. Ẹjọ́ ẹni tí wọ́n dojú ìjà kọ, tó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ló ń yẹ̀ wò. Ó ní ìṣe kan ṣoṣo lè ní àbájáde méjì, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀kan péré ni ọkàn ẹni tó ṣe é ń lé. Ẹni náà fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ikú ẹni tó kọlù ú tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Akuínásì fi kún un pé bí agbára tó lò bá pọ̀ ju èyí tó nílò lọ, ó ti jẹ̀bi. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlànà, tí a lè pè ní ìṣe kan àbájáde méjì. Wọ́n ní ìṣe náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwà ibi. Ire ni ọkàn gbọ́dọ̀ máa lé. Ibi tó máa tẹ̀lé e kò gbọdọ̀ jẹ́ àkàbà tí a ó gùn dé ibi tí ire wà. Ire náà sì gbọ́dọ̀ wúwo tó láti gba ibi yẹn mọ́ra, kó má sì sí ọ̀nà mìíràn tí ìpalára rẹ̀ kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ àkàbà yìí ló máa ń ta kókó jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ojú ọ̀nà oko ṣàlàyé rẹ̀. Awakọ̀ tó ń ko kòkó bọ̀ láti abúlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé eruku máa sọ lẹ́yìn ọkọ̀ òun, ó sì mọ̀ pé ó máa bo aṣọ tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà. Bí òjò bá ṣú rọ̀ tí eruku kankan kò sọ, ìrìn àjò rẹ̀ kò bàjẹ́. Inú rẹ̀ á tilẹ̀ dùn. Eruku tẹ̀lé e ni, kò bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ mìíràn bá ní ìjà pẹ̀lú obìnrin tó sá aṣọ, tó wá tẹ iná mọ́ ọkọ̀ kí eruku lè bo aṣọ náà, òjò tó bá rọ̀ ti ba iṣẹ́ ẹni yẹn jẹ́. Eruku kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Ìdánwò tí a ó máa lò náà nìyẹn: ká ní ibi yẹn kò ṣẹlẹ̀, ṣé ohun tí ẹni yìí ń wá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ń ta aṣọ lọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́, ó mọ̀ pé òun lóyún, ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méje. Ní ọjọ́ Jímọ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lápá òsì nísàlẹ̀ ìdodo, ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀díẹ̀ sì ń yọ. Wọ́n ní oyún ló fẹ́ wálẹ̀, wọ́n fún un ní àgbo kó lè dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, òòyì ń kọ́ ọ, èjìká sì ń dùn ún. Èjìká yẹn ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ikùn ló ń dà á láàmú, kí ló kan èjìká? Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú ikùn ló ń ta àwọ ẹran tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí òun àti èjìká jọ ń lo iṣan ìmọ̀lára kan náà. Bí aboyún oṣù kìíní tàbí ìkejì bá ní ìrora ikùn, tó tún ní ti èjìká, kí ẹnikẹ́ni má ro pé ó sùn fi èjìká sí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò: oyún wà. Wọ́n ṣe sikáànù: ilé ọmọ ṣófo. Oyún náà wà nínú ọ̀pá ẹyin, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí ẹyin obìnrin máa ń gbà wọ ilé ọmọ. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àwọn dókítà ń pè é ní ẹkitópíkì. Nínú 100 oyún, ọ̀kan tàbí méjì lè ṣe bẹ́ẹ̀, inú ọ̀pá yìí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń há sí. Ohun tó sábà ń fà á ni àrùn tó ti ba inú ọ̀pá náà jẹ́ sẹ́yìn, bíi àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú dáadáa, tàbí iṣẹ́ abẹ ìṣáájú. Ilé ọmọ lè fẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pá ẹyin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá ti ń dàgbà nínú rẹ̀, ó máa ya ni, yóò sì fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ya. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ, ìdajì rẹ̀ sì lè dà sínú ikùn láìjẹ́ pé èyí tó yọ síta ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Ọ̀pá ti obìnrin wa yìí ti ń jò, kò tíì ya tán. Sikáànù fi hàn pé ọkàn oyún náà ṣì ń lù. Ọ̀rọ̀ tó dojú rú nìyẹn, torí ìyá ọkọ gbọ́ ọ. "Dókítà, ẹ gbọ́ ná. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù, ó wà láàyè. Ẹ ò ṣe gbé e wọ ilé ọmọ?" Dókítà ní, "Mọ́mì, bí ọ̀nà yẹn bá wà ni, òun ni à bá ṣe. Kò tíì sí ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ láyé." Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró di ọ̀la. Dókítà ní bí ọ̀la bá bá obìnrin yìí láyé, kò ní í bá ọmọ. Wọ́n fọwọ́ sí i níkẹyìn. Wọ́n gé ọ̀pá náà kúrò pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún un lẹ́jẹ̀. Ìyá yè.

Ẹ wá gbé ìdánwò eruku lé e. Ká ní, lọ́nà tí ojú kò rí rí, oyún yẹn wà láàyè lẹ́yìn tí wọ́n gé ọ̀pá náà, ṣé dókítà máa sọ pé iṣẹ́ òun bàjẹ́? Rárá o. Jíjò ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ dá dúró, ó sì ti dá a dúró. Ikú oyún kọ́ ló dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Gígé ọ̀pá tó ń ya ni. Ibi náà tẹ̀lé ire, kì í ṣe òun ni àkàbà. Ní ti ìwúwo, ẹ̀mí kan tí a lè gbà là wà ní ọwọ́ kan, ẹ̀mí tí kò sí ọ̀nà àtigbà á là wà ní ọwọ́ kejì. Àbájáde méjì ló wà lóòótọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì wá lọ.

Ẹ fi wé ọkùnrin tó gbé oògùn fún ọ̀dọ́bìnrin tó lóyún fún un, torí kò fẹ́ kí ìyàwó ilé gbọ́. Òun náà lè sọ pé, "Èmi ò ní ìkórìíra sí ọmọ kankan, àlàáfíà ilé mi ni mò ń wá." Ó dáa. Bí oyún bá yè lẹ́yìn oògùn yẹn ńkọ́? Gbogbo ètò rẹ̀ ti wó nìyẹn. Ikú oyún ni àkàbà tó gùn dé ibi àlàáfíà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn nípa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò tó ẹ̀rí; ètò tó ṣe ló ń jẹ́rìí, ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé nínú rẹ̀ kó tó lè yọrí.

Títí dé ibí, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ dán bí ojú dígí. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, n kò sì ní í bò ó. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹkitópíkì lọ sí Róòmù, èsì tí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ níbẹ̀ fún wọn ní 1902 ni pé kò tọ́ kí wọ́n yọ oyún tí kò tíì gbó kúrò níbi tó wà. Nígbà tó di 1933, àlùfáà Jẹ́súìtì kan tó ń jẹ́ Búsíkárẹ̀nì tẹ ìwé jáde, ó ní ọ̀pá ẹyin tó ti bàjẹ́ dà bí ẹ̀yà ara èyíkéyìí tó ń ṣàìsàn; bí wọ́n bá gé òun fúnra rẹ̀ kúrò, wọn kò fọwọ́ kan oyún ní tààràtà. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ wọn gba èyí, dókítà Àgùdà sì rí ọ̀nà gbà. Ó yẹ kó kàn wá láti mọ̀ ọ́n: àwọn Àgùdà pọ̀ láàárín wa, dáyósíìsì wọn ń jẹ́ Oǹdó, kàtídírà rẹ̀ sì wà ní Àkúrẹ́, nọ́ọ̀sì tó máa dúró ti ìyàwó wa lè jẹ́ ọmọ ìjọ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ti dé lẹ́yìn Búsíkárẹ̀nì. Dókítà lè la ọ̀pá náà, kó yọ oyún jáde, kó sì fi ọ̀pá sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì tètè mọ̀, kí ọ̀pá tó ya, tí oyún ṣì kéré tí ọkàn rẹ̀ kò tíì lù, wọ́n lè fún obìnrin ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní mẹtotirẹsétì. Oògùn yìí máa ń dá ohun tó ń dàgbà kíákíá nínú ara dúró. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wò, ní ọjọ́ kẹrin àti ọjọ́ keje, títí agbára oyún yóò fi lọ sílẹ̀ pátápátá. Kò sí abẹ, ọ̀pá ẹyin rẹ̀ á sì ṣẹ́ kù sí i lára. Fún obìnrin, èyí sàn ju kí wọ́n là á níkùn.

Ẹ wá gbé ìdánwò wa lé abẹ́rẹ́ yìí. Ká ní oyún yẹn kò kú ńkọ́? Abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó dà bíi pé ikú oyún ti di àkàbà. Ohun tí àwọn kan lára àwọn onímọ̀ Àgùdà ń sọ títí dòní nìyí, tí wọ́n fi kọ abẹ́rẹ́ náà. Àwọn mìíràn láàárín wọn ní rárá, pé gbòǹgbò tó ń gbẹ́ inú ọ̀pá lọ ni abẹ́rẹ́ ń dá dúró, pé ikú oyún tẹ̀lé e ni. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Èrò tèmi ni pé ibí yìí ni ìlànà náà ti tín-ín-rín ju ohun tó lè gbé lọ. Obìnrin méjì ní àìsàn kan náà, oyún méjèèjì kò lè yè. Wọ́n gé ọ̀pá ẹyin ìkíní kúrò, wọ́n fún ìkejì ní abẹ́rẹ́, ọ̀pá tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí a wá sọ pé ìkejì jẹ̀bi ju ìkíní lọ nítorí pé ìpalára tó kàn án kéré? Ọgbọ́n orí wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ọ̀nà kankan tí ẹ̀mí kan yóò fi là, kí á wo ìwúwo nǹkan àti bóyá ọ̀nà tó rọrùn jù wà, ju kí á máa fi abẹ́rẹ́ wọn ọ̀rọ̀ "tààràtà." Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a ń wá àti ohun tí a mọ̀ pé yóò tẹ̀lé e ṣì wúlò: òun ló ya dókítà yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ọkùnrin olóògùn. Ṣùgbọ́n kò lè dá gbogbo ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Òfin ìjọba gba ọ̀nà tó kúrú. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ọdún 1916, tí ìhà gúúsù Nàìjíríà ń lò, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ nínú abala 228 fún ẹni tó bá fi oògùn tàbí irinṣẹ́ ṣẹ́yún láìbófin mu. Abala 297 wá dáàbò bo ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ọkàn rere, ìṣọ́ra àti ìmọ̀ iṣẹ́, kódà bó bá jẹ́ ara ọmọ inú ni, láti dá ẹ̀mí ìyá sí, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ṣe bá bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú ipò tí ìyá wà. Òfin kò bèèrè ọ̀rọ̀ àkàbà. Nítorí náà, ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù nítorí ìyàwó rẹ̀ kò ṣẹ̀ sófin.

Ìlànà yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tó sì kan ilé wa ju ilé ìwòsàn lọ. Agbẹ̀bí tó fún obìnrin ọjà Ọba yẹn ní àgbo lọ́jọ́ Jímọ̀ kò fẹ́ kó kú. Bí obìnrin yẹn bá kú, yóò búra, òótọ́ ni yóò sì bú. Bí kò bá mọ̀ pé oyún lè dúró síta ilé ọmọ, a lè pè é ní èèṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gba iṣẹ́ àgbẹ̀bí ti gba ẹrù mímọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá mọ̀, tó ti rí irú rẹ̀ rí, tó sì dá a dúró nílé nítorí owó tàbí nítorí kí wọ́n má baà sọ pé apá òun kò ká a, ibì kẹta la bá a: ó rí ikú tẹ́lẹ̀, kò wá a. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn? Kò bọ́. Kí ni ire tó wúwo tó láti gba ewu yẹn mọ́ra? Ọ̀nà mìíràn kò sí bí? Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ti wà ní Àkúrẹ́ láti 2010, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò. Oǹdó náà ní tirẹ̀. Nígbà ìjọba yẹn, ètò Agbẹ̀bíyè tó tẹ̀lé ètò Abíyè tilẹ̀ fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì lówó lórí aboyún tí wọ́n bá darí lọ sí ilé ìwòsàn. "Kò sí lọ́kàn mi" jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan nínú mẹ́rin. Ìyá ọkọ tó ní kí wọ́n dúró di ọ̀la náà wà lábẹ́ ìbéèrè yìí, láti ìgbà tí dókítà ti ṣàlàyé fún un.

Ní ti obìnrin wa, ọ̀pá ẹyin kan ṣì kù sí i lára, ó sì lè fi í lóyún. Bó bá tún lóyún, kó má dúró di oṣù kẹta kó tó lọ forúkọ sílẹ̀. Nínú àwọn tó ti ní ẹkitópíkì lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ọ̀kan nínú 10 ló tún máa ń ní in, nítorí náà kó lọ ṣe sikáànù ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje, kí wọ́n lè fi ojú rí i pé inú ilé ọmọ ni oyún wà.